Orí Kẹrin: Abọ́ Ni Ká Kà, Káàdì Kì í Jẹun

Ní Pobẹ̀ àti Sakété, bí ìdílé méjì bá ti fẹnu kò lórí ọjọ́ ìgbéyàwó, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Àpò ìrẹsì mélòó la máa rà?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn rẹ̀ dáadáa nígbà tí kò tíì mọ iye abọ́ tí yóò jáde láti ìdí iná. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó á ti ní kí wọ́n ra méjì, ìyá ọkọ á ní kí wọ́n jẹ́ ó pé mẹ́ta kí ojú má baà ti ìdílé, wọ́n á sì pàpà ra mẹ́rin. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹran ti tán tipẹ́, ìrẹsì ṣì kún ìkòkò, àwọn ọmọ ń fi abọ́ fọ́ọ̀mù funfun gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn àtíbàbà, àwọn ìyá tó sè é sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn gbé oúnjẹ lọ.

Òfin ìdílé tí wọ́n fọwọ́ sí ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 2004 sọ ọ́ kedere pé àmì lásán ni ìdána. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìrẹsì. Ìdílé fúnra wọn ni yóò ṣe òfin yẹn, àwọn tó sì yẹ kó ṣe é ni èèyàn méjì: ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti àgbà alásè. Kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n mú bírò àti ìwé, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ó kéré tán. Ohun tí wọ́n máa ṣe níbi ìjókòó yẹn ni orí yìí dá lé.

Ta ni yóò jẹun?

Káàdì ìpè kò lè sọ iye ẹni tí yóò jẹun fún yín. Ìwé aṣọ ẹbí ló lè sọ ọ́. Ẹni tó bá ti ra aṣọ, tó gbé e fún télọ̀, tó sì san owó ìránṣọ, kò ní jókòó sílé lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo wọn ni kí ẹ kà, ẹ má yọ ẹnì kan. Àwọn tó gba káàdì ṣùgbọ́n tí wọn kò ra aṣọ, ìdajì wọn ni kí ẹ kà. Nínú wọn ni a ti ń rí àwọn tó máa dé màárì, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ibi yìgì, tí wọ́n á kí ìyàwó, tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Nínú wọn náà ni a ti ń rí àwọn tó máa fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, tí wọ́n á ní àwọn ti wá nìyẹn.

Lẹ́yìn wọn ni mo-gbọ́-mo-yà. Ìdílé tó bá ní òun kò ní ka àwọn wọ̀nyí ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Àtíbàbà wa kì í ní ilẹ̀kùn, a kì í sì í lé èèyàn kúrò nídìí oúnjẹ. Ẹ jáde, kí ẹ wo iye ilé tó yí ibi àríyá náà ká, kí ẹ ka èèyàn méjì sí ilé kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò yẹn sábà máa ń tó, àyàfi tí ibi ìnáwó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀, tó sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ẹ jìnnà sí ọjọ́ ọjà bí ẹ bá lè ṣe é.

Ọmọdé méjì ni abọ́ kan. Àwọn tó kù ni àwọn tí wọ́n máa ń gbàgbé: onílù, awakọ̀, àwọn tó ta àtíbàbà, àwọn agbáwo, àwọn tó ń sè é fúnra wọn. Wọ́n máa ń jẹun kẹ́yìn, torí pé ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n sì ni alásè fi máa ń fi ọwọ́ mú un pọ̀ sí i láìsọ fún ẹni tó ni owó.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgbéyàwó kan ní Sakété, ká ṣe é tán lórí ìwé. Ká ní wọ́n pín káàdì 300. Èèyàn 160 ló ra aṣọ ẹbí, a ka gbogbo wọn. Nínú 140 tó kù, a ka 70. Ilé 20 ló yí ibẹ̀ ká, èyí fún wa ní 40. A ń retí ọmọ 60, abọ́ 30 nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ 30. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ abọ́ 330. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n mú káàdì 300, kí wọ́n ní ẹni kọ̀ọ̀kan á mú ẹnì kan dání, kí ó di 600. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 330 àti 600 ni oúnjẹ tí wọ́n máa ń dà nù.

Oúnjẹ tó lè dúró àti èyí tí kò lè dúró

Kí ẹ tó sọ iye tí ẹ máa rà, ẹ pinnu iye irú oúnjẹ tí ẹ máa sè. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ díẹ̀. Gbogbo alásè ló máa ń fi díẹ̀ lé oúnjẹ kí ó má baà tán lójú àlejò, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá se ìrẹsì, ẹ̀wà, àmàlà, iyán àti ẹ̀kọ, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n máa fi díẹ̀ lé e. Àlejò kan ṣoṣo ni wọ́n sè fún, ikùn kan ṣoṣo ló sì ní, àmọ́ ìlé márùn-ún ló ń dúró dè é. Oúnjẹ méjì tó, ọbẹ̀ méjì sì tó. Ẹni tó bá ní ojú òun ń ti òun, kí ó fi owó oúnjẹ mẹ́ta yòókù kún ẹran. Mi ò tíì rí àlejò tó ráhùn pé ẹran pọ̀ jù.

Oúnjẹ méjì tí mo máa yàn fún ọ̀dọ̀ wa ni ìrẹsì àti ẹ̀kọ. Ìrẹsì nítorí pé kò sí àríyá tó lè fò ó mọ́. Ẹ̀kọ nítorí pé òun ni oúnjẹ tó rọrùn jù láti má ṣe bàjẹ́, àwọn èèyàn kì í sì í rò ó bẹ́ẹ̀ torí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i lọ́jà.

Ẹ wo ìdì ẹ̀kọ kan dáadáa. Wọ́n ti rẹ àgbàdo rẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti sẹ́ ẹ, ó sì ti kan kí wọ́n tó dà á síná. Ìkan yẹn ló ń bá a lé ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ sẹ́yìn. Bí ẹ kò bá tú u, tí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó lè wà di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ìwọ̀n tirẹ̀ wà lára rẹ̀: ẹni tó bá jẹ ìdì kan tó sì yó, ìdì kejì ṣì wà nínú ewé rẹ̀, ẹlòmíì lè jẹ ẹ́. Ewé rẹ̀ kò sì ní da ìlú láàmú. Ìbáà jẹ́ ewé eéran, ìbáà jẹ́ ewé tíìkì tí àwọn ẹlẹ́kọ apá ibí ń lò, yóò jẹrà sínú ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti tíìkì máa ń pẹ́ díẹ̀.

Ẹ wá fi ìrẹsì wé e. Tí wọ́n bá ti bù ú sí abọ́ tán, tí àlejò fọwọ́ kàn án, ó di ti ẹni yẹn nìkan. Èyí tó kù nínú ìkòkò kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀, a máa dé ibẹ̀. Ẹ̀wà àti ọbẹ̀ ilá lè kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Iyán máa ń le bí kò bá tètè dé iwájú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìjókòó àwọn àgbà, kí ẹ gún un ní ìwọ̀nba iye wọn.

Nítorí náà, ìlé tí alásè fẹ́ fi sí i, ẹ jẹ́ kó wà lára ẹ̀kọ. Ẹ má jẹ́ kó wà lára ìrẹsì tó ti jinná.

Nínú ìgbéyàwó Sakété wa, ká ní abọ́ 200 máa jẹ́ ti ìrẹsì, 130 á sì jẹ́ ti ẹ̀kọ. Gíráàmù 120 ìrẹsì gbígbẹ tó fún abọ́ kan tó ní ẹran àti ọbẹ̀ lórí. Ó jẹ́ kílò 24, ìyẹn ni pé àpò kílò 25 kan ti tó. Bí wọ́n bá ṣe é ní ti 600 àtijọ́, tí gbogbo wọn sì jẹ́ ìrẹsì, kílò 72 ni, àpò mẹ́ta. Ẹ̀kọ méjì fún abọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 260, ẹ fi 60 lé e, kí ẹ gba 320 lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ kan ṣoṣo tí ẹ mọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ewé máa ń wọ́n. Ẹran ńkọ́? Ègé méjì fún abọ́ kan jẹ́ 660 ègé. Bí kílò kan bá fún yín ní ègé 20, kílò 33 lẹ máa rà. Ẹ bá alápatà sọ ọ́ kí ó gé e bẹ́ẹ̀, kí àwọn tó ń bù ú má baà máa fi ojú díwọ̀n.

Má gbé gbogbo ìkòkò kaná lẹ́ẹ̀kan

Ìrẹsì gbígbẹ kì í tètè bàjẹ́. Òtítọ́ kékeré yìí ló ń gba owó là jù nínú gbogbo orí yìí. Ẹ sè é ní ìkòkò méjì: kílò 15 lákọ̀ọ́kọ́, kílò 10 lẹ́yìn náà. Ìkòkò àkọ́kọ́ máa fún yín ní abọ́ 125. Nígbà tí abọ́ 80 bá ti jáde nínú rẹ̀ ni kí wọ́n da ìkejì síná, torí ìkòkò ńlá lórí igi ìdáná lè gbà tó wákàtí kan kó tó jinná tó sì rọ̀. Ata gbọ́dọ̀ ti wà ní díndín sílẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò lọ̀ ọ́. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ ra àpò kejì, kí ẹ má tú okùn ẹnu rẹ̀. Bí àlejò bá ya wọlé ju bí a ti rò lọ, ẹ tú u. Bí wọn kò bá wá, ẹ ti ní ìrẹsì oṣù méjì nílé tọkọtaya tuntun.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé abọ́ 80 ti jáde? Abọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ. Ẹ to wọn ní ogún-ogún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ẹ ní kí ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé jókòó síbẹ̀, kó máa fa ìlà kan sórí ìwé bí òkìtì kan bá ti tán. Ìlà mẹ́rin, ẹ dáná sí ìkejì. Ọmọ yẹn kò gbọdọ̀ bá wọn gbé oúnjẹ, kò gbọdọ̀ dìde lọ wo ìjó. Iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀nà yìí ti máa ń kùnà kò ju ibẹ̀ lọ: wọ́n á pe ọmọ náà kó wá ya fọ́tò pẹ̀lú ìyàwó, kíkà á dàrú, alásè á bẹ̀rù, á sì da gbogbo ìrẹsì síná.

Kí àwọn agbáwo béèrè lọ́wọ́ àlejò kí wọ́n tó bu oúnjẹ: "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ìrẹsì ni àbí ẹ̀kọ?" Gbólóhùn yẹn kò gba àkókò, ó sì sàn ju kí wọ́n máa gbé abọ́ tó ti kún yípo lọ. Abọ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 22 ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó fẹ̀ bí àwo ìgbẹ́rù. Ìgbakọ kan náà ni kí gbogbo àwọn tó ń bù ú máa lò. Ẹni tí kò bá yó, kí ó gba ẹ̀ẹ̀kejì, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ láti ẹnu alága ìjókòó pé ẹ̀ẹ̀kejì wà. Bí wọn kò bá kéde rẹ̀, àlejò á rò pé ìdílé ń ṣahun, ọ̀rọ̀ náà á sì rìn jìnnà.

Abọ́ yíyá, omi fífọ̀

Abọ́ fọ́ọ̀mù àti ọ̀rá dúdú ló ń kún àgbàlá lẹ́yìn àríyá wa, ọ̀nà ààlà ni púpọ̀ nínú wọn sì ń gbà wọlé láti Nàìjíríà. Ní January 2024 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fọ́ọ̀mù ìbùjẹ. Ní tiwa, òfin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù December 2017 ti fòfin de ọ̀rá tí kì í jẹrà, láti orí àwọn tó ń ṣe é dé orí ẹni tó gbé e lọ́wọ́. Ìdílé tó bá ń pín oúnjẹ sínú ọ̀rá dúdú níwájú gbogbo ìlú ń rú òfin lójú mọmọ.

Àwọn tó ń yáni ní àga àti àtíbàbà máa ń ní abọ́ láti yáni pẹ̀lú. Ẹ kò nílò 330. Bí àwọn àlejò bá máa jẹun ní ìpele méjì, abọ́ 200 tó, bí ẹ bá ti ní àwọn tí yóò máa fọ̀ ọ́. Ẹ kà á níwájú ẹni tó ni ín kó tó gbé e wá, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi èyí tó ti là tàbí tó ti bó hàn án. Ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú máa ń jẹ́ lórí abọ́ tó ti là kó tó kúrò ní ilé ẹni tó ni ín.

Omi ni ìṣòro tó wà níbẹ̀, pàápàá lọ́nà Ọ̀họ̀rí níbi tí kànga ti jìn tí ilẹ̀ dúdú sì máa ń là nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ àríyá tí dúrọ́ọ̀mù 200 lítà méjì kò bá kún sílẹ̀ fún abọ́ fífọ̀ nìkan. Ohun tó ń jẹ́ kí omi náà tó ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ ha èérún kúrò lára abọ́ sínú korobá kan. Lẹ́yìn náà ni ọpọ́n mẹ́ta: omi ọṣẹ, omi ìṣanù, àti ọpọ́n kẹta tó ní oògùn apakòkòrò, ìyẹn jáfẹ́ẹ̀lì. Bí jáfẹ́ẹ̀lì náà bá jẹ́ èyí tó ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣíbí ìjẹun kan fún omi lítà 4 tó. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì bẹ́ẹ̀ ní agbára, ṣíbí méjì. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀. Kí abọ́ rì sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá to ó síbi tí oòrùn ti ń pa á kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nù ún, torí aṣọ ìnuwọ́ kan náà ló máa ń gbé ẹ̀gbin láti abọ́ kan sí òmíràn. Bí epo bá ti ń léfòó lórí omi ọṣẹ, tí omi náà kò sì hó mọ́, ó ti kú, ẹ dà á nù jìnnà sí kànga.

Korobá èérún yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù láìwò ó. Bí ìrẹsì tí wọn kò fọwọ́ kàn bá pọ̀ nínú rẹ̀, bíbù ti pọ̀ jù, ẹ dín ìgbakọ kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ti jẹ ní àárín tí wọ́n sì pa tì, ẹ lọ tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kí ata tàbí iyọ̀ pọ̀ jù. Wákàtí àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò ó, nígbà tí àtúnṣe ṣì lè ṣe nǹkan.

Ní ti ohun mímu, ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọtí àti mínírà inú ìgò ti ń ṣe dáadáa. Àwọn ìgò Sòbẹ́brà, bíi ti La Béninoise, máa ń padà sí ilé iṣẹ́ ni. Ẹ bá olùtà ṣe é pé àpótí tí ẹ kò bá ṣí ni ẹ máa dá padà, kí ẹ sì san owó ìgò ṣáájú. Omi inú ọ̀rá ni kí ẹ fi kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu-ẹ̀rọ àti ife rọ́pò.

Èyí tó ṣẹ́kù ti ní ẹni tó ni ín kó tó jinná

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tó kù lẹ́yìn àríyá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ti pẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní oúnjẹ tó ti jinná kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ, àyàfi tó bá ń gbóná ju ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 60 lọ. Ìrẹsì ló léwu jù. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Basílọ́ọ̀sì sẹ́réọ́ọ̀sì, hóró rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó. Bí ìrẹsì bá tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ìkòkò ńlá, hóró náà á hù, á sì tu májèlé kan sínú rẹ̀ tí iná kò lè pa. Ìdí rèé tí ìrẹsì tí wọ́n tún gbé kaná lówùúrọ̀ Àìkú fi lè mú odidi ìdílé bì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń hó tí òórùn rẹ̀ sì dára. Imú kò lè gbọ́ májèlé yẹn, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ yan wákàtí kan tí wọ́n máa sọ pé ó tó. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí bu oúnjẹ ní aago kan ọ̀sán, ní aago mẹ́ta kí àgbà alásè lọ síbi ìkòkò. Èyí tó ṣì ń gbóná, tí ìdérí wà lórí rẹ̀, tí iná sì wà lábẹ́ rẹ̀, ni wọ́n máa pín. Èyí tó ti wà lórí tábìlì tàbí nínú abọ́ ṣíṣí kò sí nínú ìpín. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì, kí ó kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí àwo fífẹ̀, kí ó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí ooru jáde lára rẹ̀ kíákíá. Ìkòkò tó kún kò ní tutù dénú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ta ni wọ́n máa pín in fún? Àwọn tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Alàmísì ni. Ilé kéwú tó wà ládùúgbò, àwọn àgbà tí kò lè rìn wá sí àríyá, ilé ọmọ aláìlóbìí bí ó bá wà nítòsí. Kí wọ́n mọ̀ pé ó lè jẹ́ aago mẹ́ta kí oúnjẹ dé, kí wọ́n sì mú ìkòkò tiwọn wá. Fún àwọn àlejò tó fẹ́ gbé díẹ̀ lọ, mo máa ń gba ìdílé nímọ̀ràn pé kí ẹ̀bùn àríyá jẹ́ abọ́ oníke tó ní ìdérí, kí wọ́n sì pín in ṣáájú oúnjẹ, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà. A mọ̀ pé àlejò wa máa ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹni tó wà nílé, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Bí abọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní wá ọ̀rá.

Èérún inú korobá ló kù. Wọ́n máa ń gbé e fún ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e fún un bẹ́ẹ̀ ní tútù. Ní 1997, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó sì pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ. Kì í mú èèyàn, kò sì ní oògùn. Èérún oúnjẹ tó ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú jẹ́ ọ̀nà kan pàtàkì tó ń gbà kó ran ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn. Kí ó hó fún ìṣẹ́jú 30 kó tó dé ibùjẹ ẹran, kí wọ́n sì máa rò ó. Ibi tí kò bá sí ẹlẹ́dẹ̀, ìdin lè jẹ ẹ́: ní Àjàṣẹ́, ní oko Sọ̀ńgáì tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ń fi ìdọ̀tí oúnjẹ sin ìdin fún ẹja àti adìyẹ. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti iṣu yàtọ̀. Ẹ sá wọn gbẹ kí ẹ tó fún ewúrẹ́, torí èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní oró.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé: iye abọ́ tí a rò, iye tó jáde, iye ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù, àti bí korobá èérún ṣe kún tó. Ìwé yẹn ni ìdílé máa ṣí nígbà ìgbéyàwó tó ń bọ̀ tàbí nígbà ìsìnkú, kí wọ́n má tún bẹ̀rẹ̀ látorí "àpò mélòó".

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ oṣù ní Pobẹ̀ àti Sakété, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí tó létí. Owó tí ẹ ń kó jọ láti fi ra aṣọ kan náà lọ́dọọdún, ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ fi ra abọ́ 200, ife 200, ọpọ́n mẹ́ta àti dúrọ́ọ̀mù méjì, kí ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí ìdí wọn. Kí ọmọ ẹgbẹ́ yá a lọ́fẹ̀ẹ́, kí ará ìta san owó. Ẹ yan ẹnì kan tí kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì jẹ́ ẹni tí kíkà kì í sú.